Kí ló dé tí àṣìṣe sin 0.5 fi kéré tó báyìí sí ààlà tí fọ́múlà fún mi?

Àdùkẹ́_Òǹṣirò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ pọlinómíà Taylor ni mo gbé wá, èyí tí wọ́n ń fi dẹrífétíìfù kọ́ láti ojú ibì kan. sin 0.5 ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, ojú 0 ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀. Mo wá dẹrífétíìfù sin x léraléra: cos x, ó kan -sin x, ó kan -cos x. Nígbà tí mo fi 0 sínú sin x àti àwọn mẹ́ta yìí, mo rí 0, 1, 0, -1. Mo fi fakitóríà pín ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ ni:

x - x^3/6

Mo fi 0.5 sí i, ó fún mi ní 0.4791667. Ẹ̀rọ ìṣirò mi ní 0.4794255 ni sin 0.5. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.0002589. Títí débẹ̀, kò sí wàhálà.

Ibi àṣẹ́kù ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Fọ́múlà Lagrange sọ pé àṣìṣe kò ní ju M·x^4/4! lọ, M sì ni ibi tó ga jù tí dẹrífétíìfù kẹrin lè dé. Dẹrífétíìfù kẹrin yẹn ni sin x, kò sì lè ju 1 lọ, ni mo bá fi 1 sí ipò M. 0.0625 tí a fi 24 pín jẹ́ 0.0026042. Ẹ wò ó, ìlọ́po mẹ́wàá àṣìṣe tòótọ́ gan-an ni! Ṣé mo ṣi ìṣirò ni, àbí bí fọ́múlà yẹn ṣe máa ń rí nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, c tí wọ́n máa ń kọ sínú àṣẹ́kù yẹn ńkọ́, báwo ni a ṣe ń wá a?

Òjò_Pọ̀

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ ìṣirò yín bóyá dìgírì ló wà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kó sí. Ẹ yí i sí rédíánì, ẹ tún un ṣe, nọ́ńbà yín á bára mu.

Àdùkẹ́_Òǹṣirò

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Rédíánì ló wà. Ká ní dìgírì ni, 0.0087 ló máa fún mi, kì í ṣe 0.479.

Olùkọ́_Àgbà

Òótọ́ ni Àdùkẹ́ sọ, dìgírì kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá ń kà lẹ́yìn má fojú fo ohun tí Òjò_Pọ̀ mú wá. Rédíánì nìkan ni dẹrífétíìfù sin x fi jẹ́ cos x láìsí ohun mìíràn lára rẹ̀. Tó bá jẹ́ dìgírì lẹ fi ń wọn x, gbogbo ìgbà tí ẹ bá wá dẹrífétíìfù ni π/180 máa jáde síwájú, á sì máa fi ara rẹ̀ ṣe ìlọ́po lọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fi 30 sínú x - x^3/6 nítorí pé ó ń wá sin 30 dìgírì, -4470 ló máa rí. 0.5235988 ló yẹ kó fi sí i.

Tìjání_B

Kò sí ohun tí ẹ ṣì. Ààlà sọ pé àṣìṣe kò ní kọjá ibẹ̀, kò sọ pé àṣìṣe máa dé ibẹ̀. 0.00026 kò kọjá 0.0026. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Fúnmiláyọ̀_F

Tìjání, òótọ́ ni, àmọ́ a ṣì lè ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ní dandan ni kí M jẹ́ 1. c ò lè jáde kúrò láàárín 0 àti 0.5. Láàárín ibẹ̀ sì rèé, sin c kò lè dé 0.5, torí pé sin x kò ju x lọ tí x bá ti ju 0. Ẹ fi 0.5 sí ipò M dípò 1, ààlà yín á já sí 0.0013. A ti gé e sí ìdajì lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Ibi tí a ń lò nìkan ló yẹ ká ti wá M, kì í ṣe gbogbo ìlà nọ́ńbà.

Ìyá_Nọ́ńbà

Ohun tí Fúnmi sọ tọ̀nà, mo sì fẹ́ kí ẹ di ìmọ̀ràn rẹ̀ mú nítorí àwọn fọ́ńṣọ̀n mìíràn. Àmọ́ 0.0013 ṣì jẹ́ ìlọ́po márùn-ún àṣìṣe tòótọ́. Ohun kan wà nínú iṣẹ́ Àdùkẹ́ fúnra rẹ̀ tó máa gbé wa débẹ̀ tààrà.

Àdùkẹ́, padà sí ìlà dẹrífétíìfù rẹ: 0, 1, 0, -1. O dúró síbẹ̀. Jẹ́ ká rìn sí i ní ìṣísẹ̀ kan. Dẹrífétíìfù kẹrin ni sin x, tí a bá sì fi 0 sí i, 0 ló ń fún wa. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹyọ x^4 náà wà nínú pọlinómíà rẹ, 0 ló kàn wà níwájú rẹ̀ tí ojú ò fi rí i. Pọlinómíà tí o kọ gẹ́gẹ́ bí onípá 3, òun náà ni onípá 4. Lẹ́tà kan kò yí padà nínú rẹ̀.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, o lẹ́tọ̀ọ́ láti lo àṣẹ́kù onípá 4. Àṣẹ́kù yẹn á lọ gba dẹrífétíìfù karùn-ún, ìyẹn cos x, òun náà kò lè ju 1 lọ. Ààlà rẹ wá di x^5/5!. Fi 0.5 sí i: 0.03125 tí a fi 120 pín jẹ́ 0.0002604. Àṣìṣe tí o rí lójú ẹ̀rọ jẹ́ 0.0002589. Ẹ̀ẹ́ wò bí wọ́n ṣe sún mọ́ra tó.

Kí ló wá fà á tí ti àkọ́kọ́ fi jìnnà? Nígbà tí o fi 1 sí ipò M, ńṣe lo sọ pé kí dẹrífétíìfù kẹrin wà ní 1 láti ojú 0 títí dé 0.5. Sin x kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Láti 0 ló ti gbéra, díẹ̀díẹ̀ ló ń gòkè, kódà nígbà tó fi máa dé 0.5 kò tíì tó ìdajì ohun tí o kà sí i lọ́rùn. Ti dẹrífétíìfù karùn-ún yàtọ̀. Cos x bẹ̀rẹ̀ láti 1, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò níbẹ̀ títí dé 0.5. Ìdí nìyẹn tí fífi 1 sí ipò M níbẹ̀ kò fi ṣòfò púpọ̀.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ tí o bá tẹ̀ síwájú. Pọlinómíà tó parí sí x^5/120, onípá 5 ni, onípá 6 náà sì ni. Ààlà rẹ̀ jẹ́ x^7/5040.

Gbénga_Yára

Gbogbo wàhálà yìí kò pọn dandan. Àmì àwọn ẹyọ yẹn ń pààrọ̀: ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìròpọ̀. Ọ̀wọ́ tí àmì rẹ̀ bá ti ń pààrọ̀ báyìí, àṣìṣe rẹ̀ kì í ju ẹyọ àkọ́kọ́ tí ẹ kò kà lọ. Ẹyọ tí Àdùkẹ́ kò kà ni x^5/120. Ó parí. Kò sí Lagrange, kò sí c, kò sí M. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí fún ọ̀wọ́ èyíkéyìí, ó yá jù.

Ìyá_Nọ́ńbà

Gbénga, ibi tí o dé tọ̀nà fún sáìnì, ọ̀nà tí o gbà débẹ̀ ni kò gbé e dúró. Òfin àmì tó ń pààrọ̀ ní àdéhùn kan tí o fò: àwọn ẹyọ náà gbọ́dọ̀ máa kéré sí i láti ibi tí o ti gé e. Fún 0.5, wọ́n ń kéré láti ìbẹ̀rẹ̀, o rí i gbà. Ẹ wá jẹ́ ká gbé 10 sí i. Ẹyọ àkọ́kọ́ jẹ́ 10, èkejì 166.67, ẹ̀kẹta 833.33, ẹ̀kẹrin 1984.13, ìkarùn-ún 2755.73. Wọ́n ń tóbi sí i ni o! Ìkẹfà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, sí 2505.21. Òfin tìrẹ kò lè sọ ohunkóhun nípa ẹni tó gé e síbi x^5.

Síbẹ̀, ẹ gé e síbẹ̀ kí ẹ wò ó: 10 - 166.67 + 833.33 jẹ́ 676.67 nígbà tí sin 10 gan-an jẹ́ -0.544. Àṣìṣe náà jẹ́ nǹkan bíi 677, kò sì ju 1984 lọ. Ààlà náà dúró bó ṣe yẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Lagrange ló mú un dúró, nítorí pé kò sí dẹrífétíìfù sáìnì kankan tó ju 1 lọ, x ì báà jẹ́ ohunkóhun.

Èyí tó dà bíi pé ó léwu jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni "fún ọ̀wọ́ èyíkéyìí". Mú e^x ní x = 1. Kà á dé x^2: 1 + 1 + 0.5 jẹ́ 2.5. Ẹyọ tí o kò kà jẹ́ 1/6, ìyẹn 0.1667. Àṣìṣe tòótọ́ sì jẹ́ 0.2183. Ó ti kọjá ẹyọ àkọ́kọ́ tí o fi sílẹ̀. Níbẹ̀, àfi kí o wá M, M yẹn á sì jẹ́ e fúnra rẹ̀, kì í ṣe 1.

Gbénga_Yára

Ti e^x yẹn yé mi, àmì rẹ̀ kì í pààrọ̀. Àmọ́ ta ni yóò fi 10 sínú x - x^3/6 + x^5/120? Fún iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe lójoojúmọ́ ọ̀nà tèmi ṣì yá.

KóòdùLálẹ́

Èmi gan-an ni ẹni tó fi 10 sí i, mo tilẹ̀ fi 40 sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo tèmi náà. Mo kọ èyí ní Páítọ́ọ̀nù:

```python
def sain(x, k):
    eyo = x
    apapo = x
    for i in range(1, k):
        eyo = -eyo * x * x / ((2*i) * (2*i + 1))
        apapo = apapo + eyo
    return apapo
```

Fún 0.5 ó dára gan-an. Fún 10 náà kò burú tí k bá ti pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n `sain(40, 100)` ń fún mi ní nọ́ńbà tí kò sún mọ́ 0.7451 tí `math.sin(40)` sọ rárá. Mo gbé k sókè, kò yí padà. Mo ṣírò ààlà bí Ìyá_Nọ́ńbà ṣe kọ́ wa: ẹyọ àkọ́kọ́ tí mi ò kà ni 40^201/201!, ó sì kéré ju 10^-55 lọ. Báwo ni ààlà á ṣe sọ 10^-55 kí gbogbo nọ́ńbà wá bàjẹ́? Ṣé fọ́múlà náà kì í ṣiṣẹ́ fún x ńlá ni?

Tìjání_B

Ẹ fi `math.sin` ṣe é. Kí ni ẹ ń wá kiri?

KóòdùLálẹ́

Ọ̀gá, mo fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ní sáìnì nínú ni mo fẹ́ kọ ọ́ sí lẹ́yìn èyí.

Ìyá_Nọ́ńbà

Fọ́múlà náà kò ní àléébù. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀, ààlà Lagrange sì mọ ọ̀kan péré. Ó mọ àṣìṣe tó wá láti inú àwọn ẹyọ tí o kò kà. Kò mọ ohunkóhun nípa àṣìṣe tó wá láti inú àwọn ẹyọ tí o kà, nítorí pé lójú rẹ̀, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan pé láìkù síbì kan.

Wo ẹyọ tó tóbi jù nígbà tí x jẹ́ 40. Òun ni 40^39/39!, ó sì jẹ́ nǹkan bíi 1.48 × 10^16. Nọ́ńbà tí Páítọ́ọ̀nù ń lò ní bíìtì 53 fún ìdúróṣánṣán rẹ̀. Tí nọ́ńbà bá ti kọjá 2^53, ìyẹn 9007199254740992, ìgbésẹ̀ tó wà láàárín nọ́ńbà kan àti èyí tó tẹ̀ lé e di 2. Ẹyọ rẹ yìí ti kọjá ibẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ kọ ọ́ sílẹ̀, ó ti lè fi odindi 1 ṣì í. Ìwọ sì ń wá èsì tí kò ju 1 lọ! Àwọn ẹyọ ńláńlá wọ̀nyẹn ń pa ara wọn rẹ́, ohun tó kù nílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n parẹ́ tán ni èérí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé wọlé. O lè gbé k dé 1000, kò ní wẹ̀ ẹ́ mọ́, torí pé ẹyọ àárín ló ti bà á jẹ́, kì í ṣe ẹyọ ìparí.

Àmì tí o fi máa mọ̀ ọ́n nìyí: jẹ́ kí kóòdù rẹ máa tọ́jú ẹyọ tó tóbi jù tó bá pàdé, lẹ́yìn náà fi 10^-16 sọ ọ́ di púpọ̀. Ìwọ̀n àṣìṣe tó o lè retí láti inú ìṣirò nìyẹn, ó kéré tán. Fún x = 10, ẹyọ tó tóbi jù kò ju 2756 lọ, ìyẹn ni kò fi yọ ọ́ lẹ́nu.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Sáìnì máa ń tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn 2π kọ̀ọ̀kan. Yọ 2π kúrò nínú 40 nígbà mẹ́fà: 40 - 37.6991118 jẹ́ 2.3008882. sin x àti sin(π - x) sì jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí náà 0.8407045 ni o fẹ́ wá sáìnì rẹ̀. Ní báyìí kà á dé x^7:

0.84070450 - 0.09903275 + 0.00349974 - 0.00005889 = 0.74511260

Ààlà rẹ̀ ni x^9/9!, ó jẹ́ 0.00000058. Sin 40 gan-an jẹ́ 0.74511316. Ẹyọ mẹ́rin péré ló ṣe ohun tí ọgọ́rùn-ún kò rí ṣe.

KóòdùLálẹ́

Ó ṣiṣẹ́! Mo fi `math.fmod(x, 2*math.pi)` sí iwájú rẹ̀. Ẹ ṣé gan-an, mà.

Olùkọ́_Àgbà

Àdùkẹ́ béèrè nípa c, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Jẹ́ kí n sọ ọ́.

A kì í wá c. Lagrange kàn fi dá wa lójú pé ó wà níbì kan láàárín ojú tí a ti bẹ̀rẹ̀ àti x, ó parí. Ẹni tó bá mọ c gan-an ti mọ èsì nìyẹn, kò sì nílò pọlinómíà mọ́. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí a ti mọ sin 0.5 láti ojú ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ ká fipá wá a nígbà kan yìí kí ẹ lè rí bó ṣe ń ṣe. Tí a bá lo àṣẹ́kù onípá 3, sin c × 0.0026042 gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.0002589, c sì máa jẹ́ nǹkan bíi 0.0996. Tí a bá lo àṣẹ́kù onípá 4, cos c × 0.0002604 ló gbọ́dọ̀ jẹ́ iye kan náà, c sì wá di nǹkan bíi 0.109. Ṣé ẹ rí i? Pọlinómíà kan náà, àṣìṣe kan náà, c méjì. Ẹ má ṣe rò pé c jẹ́ nọ́ńbà kan tó wà níbì kan tó ń dúró de ẹni tó máa wá a rí.

Ohun tó wúlò jù c lọ ni àmì. Cos c kò lè wọ òdì láàárín 0 àti 0.5, nítorí náà àṣẹ́kù onípá 4 yẹn ju 0. Ìyẹn ni pé x - x^3/6 wà nísàlẹ̀ sin 0.5, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìwo ẹ̀rọ. Kódà cos c kò kéré ju 1 - 0.125, ìyẹn 0.875. Àṣìṣe gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.0002278 àti 0.0002605. A ti há a mọ́ ojú méjèèjì.

Fúnmiláyọ̀_F

Èyí dùn mọ́ mi gan-an, Olùkọ́. Tí a bá ti mọ ìsàlẹ̀ àti òkè àṣìṣe, ṣé a ò lè fi àárín wọn kún èsì? 0.4791667 + 0.000244 jẹ́ 0.4794107, àṣìṣe tó kù kò sì lè ju 0.0000164 lọ.

Olùkọ́_Àgbà

A lè ṣe é, ó sì tọ̀nà. Àmọ́ tí o bá kúkú kọ ẹyọ x^5/120 gan-an sí i, ààlà rẹ máa jẹ́ x^7/5040, ìyẹn 0.00000155. Iṣẹ́ kan náà, èrè ìlọ́po mẹ́wàá.

Òjò_Pọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀bùn ipá kan tí a ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ yìí wà níbi gbogbo? Mo fẹ́ wá sin 31 dìgírì, ojú 30 dìgírì ni mo sì fẹ́ ti kọ́ ọ nítorí mo mọ sáìnì àti kósáìnì ibẹ̀ sórí.

Ìyá_Nọ́ńbà

Kò sí níbẹ̀. Ní ojú 0 ló wà, àti ní àwọn ojú tí sáìnì tàbí kósáìnì bá ti jẹ́ 0. Ní ojú 30 dìgírì, sáìnì jẹ́ 0.5, kósáìnì jẹ́ 0.8660254, kò sí dẹrífétíìfù tó máa já sí 0. Gbogbo ipá ló ní ẹyọ tirẹ̀.

Ọ̀nà tí o fẹ́ gbà yẹn dára púpọ̀ ṣá, nítorí pé ìrìn rẹ kúrú. Ìgbésẹ̀ h ni dìgírì 1, tó jẹ́ rédíánì 0.0174533. Kà á dé ipá 2:

0.5 + 0.8660254·h - 0.5·h^2/2 = 0.5 + 0.0151150 - 0.0000762 = 0.5150388

Ààlà rẹ̀ ni h^3/6, nǹkan bíi 0.00000089. Sin 31 dìgírì gan-an jẹ́ 0.5150381. Ẹyọ mẹ́ta péré. Tó bá jẹ́ láti ojú 0 ni, o máa kà á dé x^7 kí ààlà tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń pinnu ni jíjìnnà x sí ojú tí o ti bẹ̀rẹ̀.

Àdùkẹ́_Òǹṣirò

Ẹ kú làálàá o. Mo ti dán an wò fún 30 dìgírì láti ojú 0, mo kà á dé x^5. Mo rí 0.5000021. Ààlà x^7/5040 jẹ́ 0.0000021. Ó wọlé.

Ohun kan ló kù tó ń rú mi lójú. Tí ìbéèrè bá sọ pé "lo pọlinómíà onípá 3, kí o sì fi ààlà àṣẹ́kù hàn", èwo ni kí n kọ? 0.0026 ni àbí 0.00026?

Olùkọ́_Àgbà

Kọ 0.00026, ṣùgbọ́n má ṣe kọ ọ́ ní ìhòòhò. Kọ gbólóhùn kan ṣáájú rẹ̀ pé dẹrífétíìfù kẹrin jẹ́ 0 ní ojú 0, nítorí náà pọlinómíà onípá 3 àti onípá 4 jẹ́ ọ̀kan náà. Láìsí gbólóhùn yẹn, ẹni tó ń máàkì á rò pé o ṣi ipá kà.

Fúnmiláyọ̀_F

Èmi ò fara mọ́ ọn tán, Olùkọ́. Ìbéèrè ní onípá 3. Àṣẹ́kù onípá 3 gba dẹrífétíìfù kẹrin. Ẹni tó ń máàkì lè ní x^4/24 lórí ìwé rẹ̀, kó má sì fẹ́ wo ohun mìíràn. Èmi á kọ ti x^4/24 sílẹ̀ kọ́kọ́, kí n wá fi ti x^5/120 kún un gẹ́gẹ́ bí àfikún.

Olùkọ́_Àgbà

Ààlà méjèèjì ló jẹ́ òtítọ́, ẹni tó bá yọ máàkì fún èyí tó há jù kò ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún gbogbo ẹni tó ń máàkì.

Gbénga_Yára

Kọ́sáìnì ńkọ́? Ṣé òun náà ní ẹ̀bùn yìí?

Ìyá_Nọ́ńbà

Ó ní. Ní ojú 0, dẹrífétíìfù rẹ̀ ń lọ báyìí: 1, 0, -1, 0. Nítorí náà 1 - x^2/2 jẹ́ onípá 2 àti onípá 3 lẹ́ẹ̀kan náà, ààlà rẹ̀ sì jẹ́ x^4/24. Fún 0.5, ó fún wa ní 0.875, cos 0.5 jẹ́ 0.8775826. Àṣìṣe 0.0025826, ààlà 0.0026042.

KóòdùLálẹ́

Ẹ má bínú, mo tún padà dé. Yíyọ 2π yẹn ṣiṣẹ́ dáadáa fún 40, fún 1000, fún mílíọ̀nù kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi 10^15 sí i, èsì mi tún yà kúrò lára ti `math.sin`. Ẹyọ kankan kò sì tóbi mọ́.

Ìyá_Nọ́ńbà

Lọ́tẹ̀ yìí, π ló fà á. `2*math.pi` kì í ṣe 2π gan-an, ó fi nǹkan bíi 2.4 × 10^-16 dín sí i. Láti mú 10^15 wálẹ̀, o máa yọ ọ́ kúrò ní nǹkan bíi ìgbà 1.6 × 10^14. Sọ wọ́n di púpọ̀: 0.04 ni àṣìṣe tó ti wọ inú x rẹ kí pọlinómíà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn tó ń kọ `math.sin` máa ń tọ́jú nọ́ńbà 2/π tó gùn gan-an, ju bíìtì 53 lọ fíìfíì, nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Lórí ẹ̀rọ kékeré tìrẹ, báwo ni x ṣe máa tóbi tó?

KóòdùLálẹ́

Kò ní ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ.

Ìyá_Nọ́ńbà

Ìgbà 1591 ni o máa yọ 2π nìyẹn, àṣìṣe rẹ̀ kò ní dé 10^-12. Ṣùgbọ́n wò ó bóyá ẹ̀rọ náà ń lo nọ́ńbà bíìtì 24 dípò 53. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, `fmod` yẹn máa yọ ọ́ lẹ́nu tipẹ́ kí x tó dé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, a sì máa tún un jíròrò.